Ẹ̀dùn ẹnìkan, aáwọ̀ gbogbo ẹgbẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń múra ìdánwò lórí àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́

Inú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Kábbà ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti jẹ yọ. Àwọn olùkọ́ láti Ìyàrà wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti Mọ̀pà àti Ìsánlú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ Bùnú tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Gbogbo wọn ló mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni ìbéèrè ọ́bújẹ́tíìfù tó bá sọ ìtàn kékeré kan, tó wá béèrè pé: kí ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe? Nítorí náà, orí ìyẹn ni mo máa dúró sí jù.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìráhùn, ẹ̀dùn òṣìṣẹ́ àti aáwọ̀ iṣẹ́?

Ìráhùn ni ohun tí òṣìṣẹ́ ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹun ọ̀sán. Ó lè jẹ́ òtítọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó di dandan fún láti dáhùn rẹ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ síwájú ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ là sílẹ̀, ní ẹnu tàbí ní ìwé, ni ó di ẹ̀dùn, ọjọ́ yẹn náà sì ni kíka àkókò bẹ̀rẹ̀. Aáwọ̀ iṣẹ́ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Aáwọ̀ Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1976, sọ pé ó jẹ́ èdèkòyédè láàrin agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí láàrin òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tó bá jẹ mọ́ gbígbani síṣẹ́ tàbí àìgbani síṣẹ́, tó bá jẹ mọ́ àdéhùn iṣẹ́, tàbí bí ibi iṣẹ́ àti àyíká rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ kíyè sí i pé òfin náà dárúkọ òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń kọ ìbéèrè fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo aáwọ̀.

Àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé aáwọ̀ kan jẹ́ ti ẹ̀tọ́, òmíràn sì jẹ́ ti àǹfààní. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí ìtàn inú ìbéèrè jẹ́?

Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni? Bí àdéhùn bá ti sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yóò gba owó wákàtí kan àti ààbọ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí ilé iṣẹ́ kò sì san án, aáwọ̀ ẹ̀tọ́ nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ bá ń sọ pé wákàtí kan àti ààbọ̀ kò tó mọ́, kí ó di wákàtí méjì, aáwọ̀ àǹfààní ni. Ti àkọ́kọ́ ń wá ẹni tí yóò ka ìwé kó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti èkejì ń wá ẹni tí yóò jókòó sí ìdúnàádúrà, nítorí pé kò tíì sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Ìdí rèé tí ẹ̀dùn fi sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, tí ìdúnàádúrà àpapọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ àǹfààní. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó ní kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo fi ìlànà ẹ̀dùn béèrè ẹ̀kúnwó fún gbogbo ilé iṣẹ́, ẹ gbé e jù sílẹ̀.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ibi ìfọ́ òkúta kan ní apá Bùnú. Àdéhùn tó wà láàrin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ náà sọ pé iṣẹ́ tó bá kọjá wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan, owó wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọn yóò san fún un. Owó wákàtí kan jẹ́ ₦500, nítorí náà wákàtí ọ́fátáìmù yẹ kó jẹ́ ₦750. Awakọ̀ katapílà kan, tí wákàtí 40 rẹ̀ ti máa ń pé kí Sátidé tó dé, ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ní Sátidé kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tó wo ìwé owó oṣù rẹ̀, ó rí i pé ₦500 ni wọ́n kà fún gbogbo wákàtí náà. ₦250 ló sọnù lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 48 ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà ₦12,000 ni wọ́n jẹ ẹ́.

Ìlànà ẹ̀dùn tó wà nínú àdéhùn wọn ní ìpele mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, òṣìṣẹ́ yóò bá fọ́ọ̀màn rẹ̀ sọ̀rọ̀, fọ́ọ̀màn sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Bí kò bá tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, yóò kọ ọ́ sí ìwé fún olórí ẹ̀ka, ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yóò dé iwájú máníjà àgbà, pẹ̀lú aṣojú ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́, máníjà náà sì ní ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kì í ṣe ti òfin. Àwọn méjèèjì ló fẹnu kò lé wọn lórí, ilé iṣẹ́ mìíràn lè ní tirẹ̀. Ìbéèrè tó bá ní òfin ló pàṣẹ pé kí fọ́ọ̀màn dáhùn láàrin ọjọ́ méjì ń dán yín wò ni.

Awakọ̀ wa bá fọ́ọ̀màn sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀màn gbà pé òótọ́ ni, ó sì sọ pé òun kò ní agbára lórí owó. Àwọn kan nínú kíláàsì mi máa ń sọ pé níwọ̀n bí fọ́ọ̀màn kò ti lè ṣe nǹkan kan, kí awakọ̀ fò ó kọjá lọ bá máníjà. Èmi kò gbà. Iṣẹ́ ìpele kìíní kì í ṣe kí fọ́ọ̀màn sanwó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹni tó mọ iye wákàtí tí ọkùnrin náà ṣe jẹ́rìí sí i kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí olórí ẹ̀ka bá ń béèrè lọ́la pé ta ló sọ pé o ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀.

Ní ìpele kejì, awakọ̀ kọ ìwé. Ó kọ ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó kọ wákàtí, ó kọ abala àdéhùn tí wọ́n ṣẹ̀ sí, ó kọ iye tó sọnù, ó sì kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Olórí ẹ̀ka dáhùn pé Sátidé jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ lásán níbi ìfọ́ òkúta. Ibẹ̀ ni ìtàn ti yí padà, nítorí pé bí ìdáhùn yìí bá dúró, kì í ṣe awakọ̀ yìí nìkan ló kàn. Aṣojú ẹgbẹ́ ka ìwé owó oṣù àwọn yòókù, ó sì rí i pé òṣìṣẹ́ 14 ló ṣiṣẹ́ iye wákàtí kan náà ní Sátidé fún ọ̀sẹ̀ 12 kan náà. Gbogbo owó tó sọnù jẹ́ ₦168,000. Nígbà tí wọ́n dé iwájú máníjà àgbà ní ìpele kẹta, ẹ̀dùn ẹnìkan ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Máníjà kọ̀ jálẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, aáwọ̀ iṣẹ́ sì dé.

Lẹ́yìn tí ìlànà inú ilé iṣẹ́ bá ti parí, kí ló kàn?

Òfin Aáwọ̀ Iṣẹ́ ló gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn láti ibí. Ó ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lo ọ̀nà tí wọ́n ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá kùnà, tàbí tí kò bá sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ pàdé láàrin ọjọ́ méje lábẹ́ alárinà tí àwọn méjèèjì jọ yàn. Nínú ìtàn wa, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ni òpin ọjọ́ méje náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n yan alárinà ní ọjọ́ 6. Bí aáwọ̀ kò bá yanjú láàrin ọjọ́ méje tí wọ́n yàn án, èyí tó mú wa dé ọjọ́ 13, ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi tó Mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ létí, ìyẹn ni ọjọ́ 16. Ìwé ni wọn yóò fi sọ ọ́ fún un. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn kò ti fohùn ṣọ̀kan, kó sì sọ àwọn ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti gbé. Awakọ̀ tó fo fọ́ọ̀màn àti ẹgbẹ́ tí kò tọ́jú ìwé ìpele kejì, ibí yìí ni ọwọ́ wọn yóò ti ṣófo.

Mínísítà lè yan olùpẹ̀tù-sáàwọ̀, ẹni tó ní ọjọ́ méje. Bí òun náà bá kùnà, Mínísítà yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Aáwọ̀ Iṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14 tí ìròyìn olùpẹ̀tù bá dé ọwọ́ rẹ̀. Òfin fún ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 21 láti dájọ́, ó sì fàyè gba àfikún. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè takò ó láàrin àkókò tí Mínísítà kéde, ọ̀rọ̀ yóò sì lọ sí Ilé-ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè.

Ohun tó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú jù ni alárinà àti olùpẹ̀tù. Ẹni tó yàn án ni ẹ fi mọ̀ wọ́n: àwọn tó ń jà ló yan alárinà, Mínísítà ló yan olùpẹ̀tù. Kò sí èyí tó lè pàṣẹ nínú àwọn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ ni àkọ́kọ́ tí ń dájọ́.

Ṣé kò sí ọ̀nà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ó wà, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìtumọ̀ ìwé. Bí gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí bá jẹ́ bóyá abala kan nínú àdéhùn àpapọ̀ kan ọjọ́ Sátidé tàbí kò kàn án, Ilé-ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ní agbára láti túmọ̀ àdéhùn náà. Òfin ilé-ẹjọ́ náà ti 2006 fún un ní agbára yìí, àtúnṣe kẹta sí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2011, sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-ẹjọ́ tí yóò túmọ̀ ohun tí a kò tíì kọ. Ẹgbẹ́ tó ń wá ẹ̀kúnwó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà gígùn.

Ìbéèrè máa ń fi ìyanṣẹ́lódì sára àwọn ìdáhùn. Nígbà wo ló máa ń jẹ́ ìdáhùn tó tọ̀nà?

Kì í sábà tọ̀nà, ó kéré tán nínú ìbéèrè tó bá ní “kí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe”. Òfin Aáwọ̀ Iṣẹ́ kò gba ìyanṣẹ́lódì láàyè bí wọn kò bá tíì tọ ìlànà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là sílẹ̀, tàbí bí olùpẹ̀tù tàbí ìgbìmọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Àtúnṣe 2005 sí Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ tún dín in kù sí i: aáwọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀tọ́, iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ kòṣeémánìí, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ tẹ̀lé ìlànà ìdájọ́ tó wà nínú Òfin Aáwọ̀ Iṣẹ́, kí èyí tó ju ìdajì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ sì ti dìbò pé kí wọ́n lọ. Ẹ má ṣe ka àwọn tó wá sípàdé nìkan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 60 bá forúkọ sílẹ̀, tí 40 wá, tí 25 nínú wọn sì dìbò fún ìyanṣẹ́lódì, 25 pọ̀ ju ìdajì àwọn tó wá lọ, ṣùgbọ́n kò tó 31 tí òfin ń fẹ́.

Ní ti owó, òṣìṣẹ́ tó bá yanṣẹ́ lódì kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Bí agbanisíṣẹ́ bá jẹ́ ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ níta, owó òṣìṣẹ́ ń kà lọ. Wọ́n máa ń gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìdánwò.

Ẹgbẹ́ onígàrí ọjà Kábbà ní alága, ìyálọ́jà, àti owó oṣooṣù. Ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni?

Rárá. Òfin sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni àkójọ òṣìṣẹ́ tàbí ti agbanisíṣẹ́ tí ète rẹ̀ jẹ́ láti ṣètò bí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa rí. Àwọn ìyá onígàrí ló ni gàrí wọn. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá dúnàádúrà. Iye owó kọ́ńgò ni wọ́n ń ṣètò, kì í ṣe owó iṣẹ́. Èyí kò sọ pé ẹgbẹ́ wọn kò lágbára o. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti tà lábẹ́ iye tí wọ́n fẹnu kò sí mọ̀ bí agbára náà ti tó. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tó 50; fún ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́, méjì ti tó.

Bí wíwọ ẹgbẹ́ kò bá ṣe dandan, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù mi láìbéèrè?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan láti Ìsánlú ló bi mí pẹ̀lú ìbínú. Àtúnṣe 2005 sọ pé wíwọ ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú, kò sì sí ẹni tí a lè fìyà jẹ nítorí pé ó kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń túmọ̀ òfin ni pé òṣìṣẹ́ kékeré tó yẹ fún ẹgbẹ́ ni a kà sí ọmọ ẹgbẹ́ títí dìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ ìwé pé òun ń jáde. Títí ìgbà náà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yọ owó náà kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Fún òṣìṣẹ́ àgbà, òdìkejì ni: a kò lè yọ kọ́bọ̀ títí tí yóò fi kọ ìwé pé òun fẹ́. Nítorí náà, “ìfẹ́ inú ni” àti “a lè yọ owó láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ kọ ìwé” lè jẹ́ òótọ́ papọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́ yóò mú ìdáhùn tí kò tọ́.

Ta ló dá orúkọ ìdúnàádúrà àpapọ̀ sílẹ̀?

Beatrice Webb ará Gẹ̀ẹ́sì ni, ní 1891. Wọ́n sábà máa ń béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń béèrè àdéhùn méjì ti ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1960: Ìkẹtàdínláàádọ́rùn-ún, ti 1948, dá lórí òmìnira láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Ìkejìdínlọ́gọ́rùn-ún, ti 1949, dá lórí ẹ̀tọ́ láti kójọ àti láti dúnàádúrà.

Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ bá ti buwọ́ lu àdéhùn, ṣé ó ti di òfin?

Kò tíì dì í. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán, ránṣẹ́ sí Mínísítà láàrin ọjọ́ 14. Mínísítà lè pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan nínú rẹ̀ de àwọn tó ṣe é. Bí kò bá pàṣẹ, òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì wò ó bí àdéhùn ọlá: òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, àyàfi tí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni ohun tí èmi yóò wò lọ́wọ́ awakọ̀ katapílà yẹn kí n tó wo ohunkóhun mìíràn. Bí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ bá ní gbólóhùn kan bíi “àdéhùn tó wà láàrin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ jẹ́ apá kan nínú ìwé yìí”, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró. Bí kò bá sí i, ẹgbẹ́ ni yóò dúró fún un.

Ẹ fún wa ní ìbéèrè kan ká fi dán ara wa wò.

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdáni gba kúẹ́rì pé ó pẹ́ dé, lọ́jọ́ tí rọ́sítà sọ pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Kí ni ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe? Ìkíní: kó kọ̀wé sí Mínísítà. Ìkejì: kó pe ìpàdé ẹgbẹ́ láti dìbò fún ìyanṣẹ́lódì. Ìkẹta: kó dáhùn kúẹ́rì láàrin àkókò tí wọ́n fún un, kó so rọ́sítà mọ́ ọn, kó sì fi ẹ̀dùn sílẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù. Ìkẹrin: kó má dáhùn títí aṣojú ẹgbẹ́ yóò fi dé.

Ọ̀pọ̀ máa ń mú ìkẹrin, nítorí ó dàbí ọgbọ́n. Àmọ́ kúẹ́rì ní ọjọ́ tirẹ̀, ìlànà ẹ̀dùn kò sì dá ọjọ́ yẹn dúró. Bí àkókò bá kọjá láìsí ìdáhùn, ilé ìwòsàn yóò ní ẹ̀sùn tuntun, ìyẹn ni àìgbọ́ràn, èyí tí rọ́sítà kò lè gbà á là kúrò nínú rẹ̀. Ìkẹta ni ìdáhùn. Bí ọ̀gá tó súnmọ́ ọn jù náà bá jẹ́ ẹni tó kọ kúẹ́rì, ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n kọ dáadáa gbà kí ẹ̀dùn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè rẹ̀. Ẹ ka ìtàn inú ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n fi ìyẹn pamọ́ síbẹ̀.